Bí A Ṣe Ń Yọ Wáyà, Sọ́kẹ́ẹ̀tì àti Àbàwọ́n Kúrò Lára Ògiri Nínú Fọ́tò, Tí Hóró Ọ̀dà Kò Fi Ní Parẹ́

Ìbéèrè kan wà tí àwọn tó ń ya fọ́tò àga, kọ́tìnnì àti inú ilé ní Ìkòròdú níbí kì í yé bi mí: "Mo ti yọ wáyà náà kúrò, ṣùgbọ́n ibi tó wà tẹ́lẹ̀ ń dán bí ike. Kí ni mo ṣe tí kò dára?" Nítorí pé ìdáhùn rẹ̀ gùn ju ohun tí a lè sọ lórí fóònù lọ, mo kọ ọ́ síbí lẹ́sẹẹsẹ.

Ohun méjì ló wà lójú ògiri tí a kùn. Èkíní ni àwọ̀ pẹ̀lú ìmọ́lẹ̀, tó máa ń yí díẹ̀díẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ fèrèsé lọ sí kọ̀rọ̀. Èkejì ni ohun tí mo ń pè ní hóró ọ̀dà, ìyẹn àwọn kókó wẹ́wẹ́ tí rólà máa ń fi sílẹ̀ nígbà tí kúnlékúnlé bá kọjá lórí ògiri. Wáyà àti sọ́kẹ́ẹ̀tì bo méjèèjì mọ́lẹ̀, nítorí náà a ní láti mú ojú ògiri láti ibòmíràn wá dí àyè wọn. Àbàwọ́n kò rí bẹ́ẹ̀: hóró ọ̀dà ṣì wà lábẹ́ rẹ̀ láìyingin, àwọ̀ nìkan ló bà jẹ́. Irinṣẹ́ kan náà tí ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń tọ́jú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló ń mú kí ògiri wọn dán bí ike.

Fọ́tò kan ni n ó fi ṣe àpẹẹrẹ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Káfíńtà kan ní Ìgbógbó ló ṣe àga ìjókòó ẹlẹ́nìkan, tó sì fẹ́ àwòrán rẹ̀ fún àwọn oníbàárà. Pálọ̀ rẹ̀ ni a ti yà á. Ọ̀dà ògiri náà jẹ́ àwọ̀ ìpara wàrà, fèrèsé wà lápá òsì, wáyà dẹ̀kódà dúdú kan sọ̀ kalẹ̀ láti òkè títí dé ẹsẹ̀ ògiri, sọ́kẹ́ẹ̀tì olójú méjì wà lápá ọ̀tún àga, àbàwọ́n aláwọ̀ ilẹ̀ kan sì wà lókè ibi ìfẹ̀yìntì, níbi tí àwọn ènìyàn ti ń gbórí lé ògiri láti ọjọ́ pípẹ́. Fọ́tò náà fẹ̀ tó píkísẹ́lì 6000. Wáyà náà pẹ̀lú òjìji rẹ̀ gba nǹkan bíi 25, sọ́kẹ́ẹ̀tì sì gba nǹkan bíi 420 ní ìbú.

Ìgbà tí kò yẹ kí ẹ yọ ohunkóhun

Àga ni káfíńtà náà ń tà, kì í ṣe ògiri, nítorí náà kò sí ẹni tí a tàn jẹ nígbà tí a bá yọ sọ́kẹ́ẹ̀tì. Bí ó bá jẹ́ pé ilé ni wọ́n fẹ́ fi fọ́tò náà gbà fún ayálégbé, ọ̀rọ̀ yí padà. Wáyà tí onílé yóò ká lọ kò burú láti yọ. Sọ́kẹ́ẹ̀tì jẹ́ ara ilé, ẹni tó fẹ́ gba ilé sì ní ẹ̀tọ́ láti rí iye rẹ̀ àti ibi tó wà. Àbàwọ́n omi tó ń gun ògiri láti ilẹ̀ ni mi ò ní yọ rárá, iye yòówù kí wọ́n fẹ́ san. Ẹni tó bá ń gbé nítòsí ọ̀sà, láti Ẹ̀bútẹ́ dé Bayékù, mọ ohun tí ọ̀rinrin bẹ́ẹ̀ ń ṣe sí ọ̀dà, sí bẹ́ẹ̀dì àti sí ọmọ tó ń wúkọ́. Ẹni tó san owó ọdún kan nítorí fọ́tò tí a ti nù mọ́ ti jìyà lọ́wọ́ wa.

Ohun tí ẹ gbọ́dọ̀ ní kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀

- Fọ́tò gan-an láti inú kámẹ́rà tàbí fóònù. Èyí tí wọ́n fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp gẹ́gẹ́ bí fọ́tò lásán ti súnkì, hóró ọ̀dà rẹ̀ sì ti yọ́ mọ́ra. Bí ẹ kò bá lè lọ gbà á fúnra yín, ẹ ní kí wọ́n fi ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí Document.
- Photoshop. Ẹni tó ń lo GIMP, tí kò gba owó, lè ṣe ohun tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ yìí. Mo sọ ìyàtọ̀ rẹ̀ nísàlẹ̀.
- Fọ́tò tí wọn kò tíì fi Sharpen tàbí irinṣẹ́ mìíràn mú kí ojú rẹ̀ mú sí i, tí wọn kò sì tíì dín kù. A máa ń yọ nǹkan kúrò kí a tó mú kí ojú fọ́tò mú sí i, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 1: Ẹ kọ́kọ́ tọ́ ìlà

Lẹ́ńsì tó fẹ̀ máa ń tẹ ìlà, bí a bá sì gbé kámẹ́rà sókè díẹ̀, àwọn ògiri yóò fì síra wọn. Bí ẹ bá yọ wáyà tán kí ẹ tó tọ́ ìlà, ẹ ó tún na hóró ọ̀dà tí ẹ ti fi ìṣọ́ra tò, àwọn àlẹ̀mọ́ yín yóò sì hàn. Nítorí náà:

1. Ẹ ṣí fọ́tò náà, ẹ tẹ `Ctrl+J` láti ṣe ẹ̀dà rẹ̀, kí èyí tó wà nísàlẹ̀ má bàa yí padà.
2. Ẹ lọ sí Filter, lẹ́yìn náà Lens Correction. Nínú Custom, ẹ fi Remove Distortion mú ìlà tó tẹ̀ nà, kí ẹ sì fi Vertical Perspective mú kí igun ògiri dúró ṣánṣán.
3. Ẹ tẹ `Ctrl+R` kí rúlà jáde, ẹ fà ìlà kan láti inú rẹ̀ wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ férémù ilẹ̀kùn. Bí férémù náà bá bá ìlà yìí lọ láti òkè dé ilẹ̀, ẹ lè tẹ̀ síwájú.

Nínú fọ́tò Ìgbógbó, férémù ilẹ̀kùn tó wà létí fọ́tò fì sínú ní òkè. Iṣẹ́ ìṣẹ́jú méjì ni títọ́ rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 2: Ẹ fi wáyà sórí ìpele tirẹ̀

Ẹ ṣí ìpele tuntun tó ṣófo, ìyẹn Layer, ẹ pè é ní "wáyà". Ẹ mú Healing Brush, kì í ṣe Spot Healing Brush, nítorí pé ti àkọ́kọ́ ń jẹ́ kí ẹ fúnra yín yan ibi tí a ti ń mú ògiri wá. Lókè ojú ìwé, ẹ yan Current & Below níwájú Sample. Bí ẹ bá gbàgbé èyí, bọ́rọ́ọ̀ṣì náà kò ní rí nǹkan kan láti mú lórí ìpele tó ṣófo. Àǹfààní ìpele ọ̀tọ̀ ni pé ẹ lè fi Eraser nu àṣìṣe rẹ̀ láìfọwọ́ kan fọ́tò.

1. Ẹ sún mọ́ fọ́tò títí dé 100%. Ẹ wo òjìji wáyà pẹ̀lú wáyà fúnra rẹ̀. Nínú fọ́tò tiwa, ìmọ́lẹ̀ ń bọ̀ láti òsì, nítorí náà òjìji tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà lápá ọ̀tún wáyà tí ojú kì í tètè rí. Ẹni tó bá yọ wáyà tó fi òjìji sílẹ̀ yóò fi àpá gígùn kan sílẹ̀ lára ògiri.
2. Ẹ jẹ́ kí bọ́rọ́ọ̀ṣì fẹ̀ ju wáyà àti òjìji lọ díẹ̀. Fún píkísẹ́lì 25, mo lo 40.
3. Ẹ di `Alt` mú, ẹ tẹ ojú ògiri tó mọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wáyà, ní ìwọ̀n píkísẹ́lì 80 sí 120 sí i, ní gíga kan náà.
4. Ẹ tẹ orí wáyà lẹ́ẹ̀kan, ẹ di `Shift` mú, ẹ tún tẹ ibi tó rẹlẹ̀ ju ìyẹn lọ ní nǹkan bíi 300 píkísẹ́lì. Bọ́rọ́ọ̀ṣì yóò kọjá láàárín méjèèjì ní ìlà tó tọ́.
5. Ẹ yan orísun tuntun, ní apá kejì wáyà, kí ẹ tó ṣe apá tó kàn.

Ìdí tí mo fi ní kí ẹ máa pààrọ̀ orísun ni pé hóró ọ̀dà ní ìrísí tirẹ̀. Bí kókó kan tó tóbi díẹ̀ bá wà níbi tí ẹ ti mú, yóò di ìbejì, nígbà mìíràn ìbẹta, ojú ènìyàn sì máa ń tètè mú ohun tó jọra. Bí ẹ bá rí ìbejì, ẹ fi bọ́rọ́ọ̀ṣì kékeré pa ọ̀kan rẹ́ kí ẹ tó lọ síwájú.

Ẹ dúró kí ẹ tó dé ẹsẹ̀ ògiri

Níbí ni iṣẹ́ ti máa ń bàjẹ́ jù. Healing Brush máa ń wo àwọ̀ tó yí ibi tí ẹ fọwọ́ kàn ká, á sì pò ó mọ́ ohun tí ẹ mú wá. Láàárín ògiri, ìyẹn dára. Ṣùgbọ́n bí bọ́rọ́ọ̀ṣì bá fara kan táìsì tẹ́ẹ́rẹ́ tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀ ògiri, tó sì dúdú ju ọ̀dà lọ, yóò fa dúdú náà wọ inú ọ̀dà. Ẹ ó rí ohun tó dà bí èéfín tó rú sókè láti ara táìsì. Ẹ fi nǹkan bíi 40 píkísẹ́lì sílẹ̀ láìfọwọ́ kàn lókè rẹ̀, bákan náà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àjà àti lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga fúnra rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ 3: Ibi tí wáyà ti ré ìlà kọjá

Ìyókù tí ẹ fi sílẹ̀ yìí jẹ́ iṣẹ́ Clone Stamp, nítorí pé ohun tó bá rí gẹ́lẹ́ ló ń gbé, kò ń po àwọ̀ mọ́ra.

1. Ẹ fi Polygonal Lasso yí apá ògiri nìkan ká, kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ bá etí òkè táìsì lọ gẹ́lẹ́. Ẹ fi Feather sí 1. Etí gidi nínú fọ́tò kì í mú bí abẹ, ó máa ń rọ̀ díẹ̀. Bí ẹ bá fi Feather sí 0, ìlà yín yóò mú ju èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lọ.
2. Ẹ mú Clone Stamp, ẹ yan Aligned àti Current & Below. Ẹ mú orísun láti ẹ̀gbẹ́, ní ìwọ̀n jíjìnnà kan náà sí etí táìsì, ẹ sì kùn ún lórí wáyà. Ohunkóhun kò ní kọjá sórí táìsì.
3. Ẹ tẹ `Ctrl+Shift+I` kí ibi tí ẹ yí ká yí padà sí òdìkejì. Ní báyìí, bọ́rọ́ọ̀ṣì lè fọwọ́ kan táìsì, kò sì ní kan apá ògiri tí ẹ yí ká.
4. Fún táìsì, ẹ di `Alt` mú, ẹ tẹ orí etí rẹ̀ gan-an, níbi tí dúdú àti funfun ti pàdé. Ẹ gbé bọ́rọ́ọ̀ṣì lọ sórí etí kan náà níbi tí wáyà wà, ẹ wo àwòrán kékeré inú bọ́rọ́ọ̀ṣì títí ìlà méjèèjì yóò fi di ọ̀kan, kí ẹ tó tẹ̀.

Bí ẹsẹ̀ ògiri bá ń fì wálẹ̀ nínú fọ́tò nítorí pé a yà á láti ẹ̀gbẹ́, nọ́ńbà kẹrin òkè yìí ṣì ń ṣiṣẹ́, bí orísun bá ti sún mọ́ ibi tí ẹ ń dí. Bí orísun bá jìnnà, táìsì ibẹ̀ yóò ga tàbí kúrú ju ti ibí lọ. Ẹ tún ṣọ́ra fún ibi tí táìsì kan ti pàdé òmíràn: bí ẹ bá gbé ìlà símẹ́ńtì àárín wọn wá láìmọ̀, táìsì kan yóò kúrú ju àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ.

Ìgbésẹ̀ 4: Sọ́kẹ́ẹ̀tì

Sọ́kẹ́ẹ̀tì fẹ̀ ju ohun tí bọ́rọ́ọ̀ṣì lè dí lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo láìsí ìbejì. Àlẹ̀mọ́ kan tó tóbi ló dára jù.

1. Ẹ padà sórí ìpele fọ́tò. Ẹ fi Lasso yí ojú ògiri kan ká, kí ó fẹ̀ ju sọ́kẹ́ẹ̀tì lọ ní ìdá kan nínú mẹ́ta, kí ó wà ní gíga kan náà sí ilẹ̀, kí ó sì sún mọ́ ọn. Ẹ má ṣe jẹ́ kí etí rẹ̀ tọ́. Ẹ jẹ́ kí ó rí ségesège. Feather 8 tó.
2. Ẹ tẹ `Ctrl+J`, ẹ sì fi Move gbé àlẹ̀mọ́ náà bo sọ́kẹ́ẹ̀tì.
3. Ó dájú pé àlẹ̀mọ́ yóò mọ́lẹ̀ jù tàbí ṣókùnkùn jù. Ti wa mọ́lẹ̀ jù, nítorí pé a mú un láti ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Ẹ ṣí Curves gẹ́gẹ́ bí Adjustment Layer lókè rẹ̀, ẹ tẹ `Ctrl+Alt+G` kí ó má bàa kan ibòmíràn, ẹ sì fà àárín ìlà náà wálẹ̀ díẹ̀ títí àárín àlẹ̀mọ́ yóò fi bá ògiri tó yí i ká mu.
4. Ẹ ṣí ìpele tuntun lókè wọn, ẹ fi Healing Brush kọjá lórí etí àlẹ̀mọ́ nìkan.

Ohun mẹ́ta ni kí ẹ má ṣe fi àlẹ̀mọ́ náà ṣe. Ẹ má ṣe yí i sí òdìkejì bíi dígí. Ẹ má ṣe dojú rẹ̀ délẹ̀. Ẹ má ṣe fẹ̀ ẹ́ tàbí kí ẹ sọ ọ́ di kékeré. Ẹ wo hóró ọ̀dà kan ní 300%: ẹ̀gbẹ́ òsì rẹ̀ mọ́lẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún rẹ̀ ní òjìji, nítorí pé òsì ni fèrèsé wà. Bí ẹ bá yí àlẹ̀mọ́ padà bíi dígí, ọ̀tún ni yóò máa mọ́lẹ̀, kókó tó yọ síta yóò wá dà bí ihò tó wọnú. Ẹni tó ń wò ó lè má mọ orúkọ ohun tó rí, ṣùgbọ́n yóò mọ̀ pé ibẹ̀ kò bá ògiri yòókù mu. Ọ̀sẹ̀ kan gbáko ni mo fi ń ṣe àṣìṣe yìí nígbà kan, tí mo ń rò pé Curves ni kò dára.

Ìgbésẹ̀ 5: Àbàwọ́n, láìfi ohunkóhun bò ó

Ẹ fi Clone Stamp àti Healing Brush sílẹ̀. Hóró ọ̀dà tó wà lábẹ́ àbàwọ́n jẹ́ ojúlówó, kò sì sí èyí tí ẹ lè mú wá tó lè dára jù ú lọ.

1. Ẹ ṣí ìpele tuntun, ẹ yí Normal padà sí Color.
2. Ẹ mú Brush tó rọ̀ létí, Opacity 20%. Ẹ di `Alt` mú, ẹ tẹ ògiri tó mọ́ nítòsí àbàwọ́n kí ẹ lè gba àwọ̀ rẹ̀, ẹ sì kùn ún díẹ̀díẹ̀ lórí àbàwọ́n. Àwọ̀ ilẹ̀ yóò máa lọ, hóró kò ní kúrò.
3. Yóò ṣẹ́ ku òkùnkùn díẹ̀, nítorí pé Color kì í fọwọ́ kan ìmọ́lẹ̀. Ẹ ṣí Curves gẹ́gẹ́ bí Adjustment Layer, ẹ gbé àárín ìlà rẹ̀ sókè díẹ̀, ẹ tẹ `Ctrl+I` lórí ìbòjú rẹ̀, ìyẹn Layer Mask, kí ó di dúdú, kí ẹ sì fi Brush funfun, Opacity 20%, kùn ún níbi àbàwọ́n nìkan.

Bí àbàwọ́n bá ní etí tó dúdú ju àárín lọ, bí ti omi tó gbẹ, ẹ fi bọ́rọ́ọ̀ṣì kékeré tọ́jú etí náà lọ́tọ̀. Bí ọ̀dà ibẹ̀ bá ti wú tàbí tó ti bó, hóró rẹ̀ ti lọ nìyẹn. Ẹ tọ́jú rẹ̀ bí ẹ ṣe tọ́jú sọ́kẹ́ẹ̀tì.

Ìgbésẹ̀ 6: Ẹ yẹ iṣẹ́ yín wò

Ẹ ṣí Curves kan sókè gbogbo ìpele, ẹ sì fà á kí ó dà gẹ̀rẹ̀ gan-an, kí ohun tó mọ́lẹ̀ mọ́lẹ̀ sí i, kí òkùnkùn sì ṣókùnkùn sí i. Fọ́tò náà yóò burẹ́wà, ṣùgbọ́n gbogbo àlẹ̀mọ́ tó fara pamọ́ yóò jáde. Nínú ti Ìgbógbó, báyìí ni mo ṣe rí ìlà kan tó mọ́lẹ̀ díẹ̀ níbi tí wáyà wà, láti òkè títí dé àárín. Lẹ́yìn tí ẹ bá ti tún un ṣe, ẹ pa Curves náà rẹ́.

Kí ẹ tó parí, ẹ wo àwọn ibi wọ̀nyí:

- Táìsì ilẹ̀ tó ń dán: ṣé òjìji wáyà tàbí funfun sọ́kẹ́ẹ̀tì ṣì hàn nínú rẹ̀?
- Dígí àti ojú tẹlifíṣọ̀n: ohun tí ẹ yọ lára ògiri lè ṣì wà níbẹ̀.
- Iná tàbí fáànù: ṣé wáyà rẹ̀ ń lọ sí ibi tí sọ́kẹ́ẹ̀tì kò sí mọ́?

Ti ìkẹyìn yìí ṣẹlẹ̀ sí wa. Iná kan tó dúró nílẹ̀ ń tàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga náà, wáyà rẹ̀ sì lọ kan ògiri lásán, ó parí síbẹ̀. Mo ní láti yọ wáyà iná náà láti ẹ̀yìn ẹsẹ̀ àga títí dé ògiri kí ọ̀rọ̀ tó gún.

Ọ̀nà mìíràn

*Kí ẹ tó yà á.* Bí ẹ bá wà níbi iṣẹ́ náà fúnra yín, ẹ gbé kámẹ́rà lé ẹsẹ̀ mẹ́ta, ẹ yà á lẹ́ẹ̀kan, kí ẹnì kan wá di wáyà mú kúrò níbẹ̀, ẹ tún yà á láìyí ohunkóhun padà. Ẹ gbé fọ́tò kejì lé orí àkọ́kọ́, ẹ fi ìbòjú jẹ́ kí ibi tí wáyà wà nìkan hàn. Ògiri gidi ni ẹ fi rọ́pò rẹ̀ yẹn, kò sí èyí tó lè dára jù ú lọ.

*GIMP.* `C` ni Clone, `H` ni Heal, `Ctrl` ni ẹ ó sì dì mú dípò `Alt` láti yan orísun. Ẹ ṣiṣẹ́ lórí ẹ̀dà fọ́tò dípò ìpele tó ṣófo. Ọ̀nà tí a fi tọ́jú etí ìlà àti àbàwọ́n kò yàtọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn bọ́tìnnì rẹ̀ lè yàtọ̀.

*Orí fóònù.* Healing inú Snapseed lè pa ihò ìṣó tàbí àmì kékeré rẹ́ láàárín ògiri. Bí ohun náà bá fara kan ìlà, tàbí tó fẹ̀ tó sọ́kẹ́ẹ̀tì, ẹ má ṣe gbìyànjú rẹ̀ níbẹ̀, nítorí kò fún yín láyè láti yan orísun.

Bí ẹ ó ṣe fi pamọ́

Ẹ fi PSD pamọ́ pẹ̀lú gbogbo ìpele rẹ̀, kí ẹ sì máa tẹ `Ctrl+S` lẹ́yìn ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan, nítorí iná kì í kìlọ̀ kí ó tó lọ. Lẹ́yìn náà, ẹ mú JPEG jáde ní Quality 10 sókè nínú 12. Bí Quality bá kéré jù, ògiri yóò pín sí igun mẹ́rin-mẹ́rin, hóró ọ̀dà tí ẹ fi ọ̀sán kan tò yóò sì lọ. Bí ẹ bá ń fi ránṣẹ́ sí oníbàárà, ẹ fi ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí Document.